Ohun Tí Roqeebah Kà fún Ìyá Àgbà

Nínú gbogbo ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ara ní Ẹdẹ, kò sí èyí tó mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà bíi Roqeebah. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Bó bá dìde tó gbé ìwé sókè, kì í ṣì í kà, kì í kólòlò. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti dúró díẹ̀ kó mí, ó mọ ibi tó yẹ kó ti gbé ohùn sókè. Nígbàkígbà tí àwọn alábẹ̀wò bá wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, òun ni tíṣà rẹ̀ máa ń pè pé kó kàwé.

Fàsílátù Ìyàndá lorúkọ tíṣà náà, àwọn ọmọ a máa pè é ní Àǹtí. Ọmọ bíbí Ẹdẹ ni, ọdún kẹrìnlá rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í ṣe òǹrorò. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní ọmọdé, pátákó ni wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn nílé ìwé, ó sì ti gbé pátákó yẹn kọ́rùn rí títí agogo fi lù. Nínú kíláàsì tirẹ̀, kò sí pátákó. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sókè bọ́ọ̀dù pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ, ẹni tó bá sì tàsé á lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri títí ẹ̀kọ́ á fi parí.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, fẹ́ràn òfin náà. Àwọn òbí náà fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí wọn ò bá gbọ́ kí ọmọ wọn máa fọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ti ń kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹta, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ti wọ ìkẹrin, ohun gbogbo á di Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà, Yorùbá á wá ku wákàtí kan lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí oorun ti ń kun gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹta, wọ́n ń ka àyọkà kan nípa àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Bàbá Ìgè. Roqeebah ló kà á fún gbogbo kíláàsì. Ó dé ibi kan tí wọ́n kọ báyìí: "Baba Ige will not plant his maize unless the rain falls." Ó kà á, ó sì dẹnu dúró. Ó nawọ́ sókè.

"Àǹtí, kí ni *unless*?"

Yorùbá ló fi bèèrè. Àwọn ọmọ tó wà níwájú ti ń wo ojú tíṣà.

"English, Roqeebah," ni Fàsílátù wí. Kò jágbe mọ́ ọn. "Ask me in English."

Ọmọ náà la ẹnu. Ó wá bí ó ṣe máa bèèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i. Ó pa ẹnu dé, ó sì ń ka ìyókù lọ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó mọ́ gaara yẹn. Ó ṣe Fàsílátù bíi kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àkókò ń lọ, ìbéèrè mẹ́wàá ló sì wà lábẹ́ àyọkà náà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn kí agogo tó lù.

Roqeebah dáhùn gbogbo wọn. Ìkẹrin nínú wọn bèèrè ohun tí Bàbá Ìgè kò ní ṣe, "unless the rain falls." Ó wá ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú àyọkà, ó rí i, ó sì da gbogbo gbólóhùn náà kọ láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Fàsílátù fi bírò pupa máàkì í pé ó gbà á. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó kọ "Excellent" sábẹ́ rẹ̀.

Ilé ìyá bàbá rẹ̀ ni Roqeebah ń gbé. Ìyá rẹ̀ ti wà nílé ọkọ mìíràn ní Ìlọrin. Bàbá rẹ̀, Jibril, bíríkìlà ni, Ìwó ló sì ti ń ṣiṣẹ́ lákòókò yìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń wálé. Ìyá àgbà yìí, Àwáwù lorúkọ wọn, ló tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tó ti wà ní ọdún méjì. Ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n ń pa fún àwọn tó ń ṣe àdín, wọ́n á jókòó sórí àpótí lábẹ́ ìbòòji ilé, òkúta kan nílẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́. Bí Roqeebah bá ti dé láti ilé ìwé, á jókòó tì wọ́n, á máa ṣa ọmọ ẹ̀kùrọ́ kúrò lára èèpo, á sì máa ròyìn ohun tí wọ́n kọ́.

Lọ́jọ́ náà, ó sọ ìtàn Bàbá Ìgè fún wọn.

"Ó ní òun ò ní gbin àgbàdo òun bí òjò bá rọ̀."

Ìyá Àgbà dá ọwọ́ dúró. "Ó ní kí ni?"

"Bí òjò bá rọ̀, òun ò ní gbìn ín."

"Àgbẹ̀ wo nìyẹn?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi oríkì pe ọmọ náà. "Àsàbí, àgbẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ títí wọ́n fi kú. Òjò gan-an ni wọ́n máa ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ́. Ta ló ń gbin àgbàdo sí ilẹ̀ gbígbẹ?"

Roqeebah náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti ya òun alára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, Ìyá Àgbà. Mo gba gbogbo máàkì."

"Ó dáa náà. Bóyá bí àgbẹ̀ inú ìwé ṣe ń ṣe tirẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Jibril gba àyè níbi iṣẹ́, ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, pé ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ yìí, dókítà rí i pé oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ká a mọ́, ó sì yí i padà. Ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn ni obìnrin tó ń pín in ti ṣàlàyé fún Jibril ní Yorùbá, ó tún kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, ó fi ráńbà dè é mọ́ páálí oògùn. Ìyá Àgbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta. Bí Jibril ṣe ń kúrò lójú fèrèsé ni fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n fẹ́ da kọnkéré ní Ìwó, àwọn lébìrà ti dé, òun nìkan ni wọ́n ń retí. Ó wá kẹ̀kẹ́ kan fún ìyá rẹ̀, ó sì fi oògùn náà lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá mi, mo ní láti sáré. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń lò ó ló wà nínú ìwé yẹn. Roqeebah á kà á fún yín."

Nírọ̀lẹ́, Roqeebah já ráńbà náà, ó dìde dúró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, ó sì kà á. "Take one tablet every morning. Do not take it unless you have eaten."

Àwọn aládùúgbò méjì tó wà nítòsí gbọ́ ọ, wọ́n ní ẹnu ọmọ yìí dùn gbọ́. Inú Ìyá Àgbà dùn.

"Kí ló wá túmọ̀ sí?"

"Ẹ lo ẹyọ kan láràárọ̀." Ìyẹn yé e dáadáa. Ó tún wo gbólóhùn kejì. Ó mọ "do not". Ó mọ "take". Ó mọ "eaten". Ó sì rántí Bàbá Ìgè. "Ẹ má lò ó bí ẹ bá ti jẹun."

"Àbí? Èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n jẹun kí n tó lò ó ni."

"Èyí yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé."

Ìyá Àgbà ò jiyàn. Láti ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti kírun òwúrọ̀ tán, wọ́n á fi omi gbé ẹyọ kan mì. Wọn kò wá fẹ́ kí oúnjẹ bá oògùn náà jà nínú, nítorí náà wọn kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lò ó, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé òkúta bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní oògùn náà lágbára, pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń pe Roqeebah ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Ọmọ náà rò pé wọ́n ń ṣeré ni.

Lọ́jọ́ kẹrin tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ó dé láti ilé ìwé, ó sì bá wọn tí wọ́n fara ti ògiri, ẹnu wọn yà, ara wọn tutù, òógùn ti mu aṣọ wọn rin. Ó pè wọ́n títí. Wọn ò dáhùn. Ó figbe ta.

Àwọn aládùúgbò ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì gún ìka wọn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Ṣúgà tó pọ̀ jù lára wọn lọ́jọ́sí ti lọ sílẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n fa omi ṣúgà sí wọn lára. Ṣúgà náà padà gòkè, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò jí. Ó ti pẹ́ jù tí ọpọlọ wọn ti wà láìrí ohun tí ó máa lò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, wọ́n kú, wọ́n sì sin wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Fàsílátù ti sàmì sí i nínú ìwé rẹ̀ pé Roqeebah kò wá sílé ìwé. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìyá àgbà ọmọ náà ti kú, ó dúró kí ọjọ́ ìsìnkú kọjá, ó sì lọ kí wọn. Ó bá Jibril lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Lẹ́yìn tí àwọn yòókù dìde lọ, Jibril sọ ohun tí àwọn dókítà sọ fún un.

"Wọ́n bi mí bóyá Màmá jẹun kí wọ́n tó lo oògùn náà. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní oògùn ọ̀hún, ó ń lé ṣúgà sílẹ̀ ni, ẹni tí kò bá jẹun kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Obìnrin yẹn sọ fún mi lójú fèrèsé, Àǹtí. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo rò pé ó wà nínú ìwé, ó ti tán."

"Ta ló ka ìwé náà?"

Jibril fi ẹnu júwe inú ilé.

Roqeebah jókòó lórí ilẹ̀ nínú yàrá, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì. Kò sunkún. Ó kí tíṣà rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Fàsílátù jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi Yorùbá kí i, ó sì bi í bóyá ìwé oògùn yẹn ṣì wà. Ọmọ náà yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti ká a pọ̀ kékeré.

"Kà á fún mi."

Ó kà á. Ohùn náà mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Wá sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Ẹ lo ẹyọ kan láràárọ̀. Ẹ má lò ó bí ẹ bá ti jẹun."

Fàsílátù gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo ìwé náà, ó wo ọmọ náà, ó tún wo ìwé náà. Kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn á sọ ọ́, bóyá pẹ̀lú ìbínú.

"Roqeebah, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé, kí wọ́n má lò ó àfi bí wọ́n bá ti jẹun. *Unless*, àfi bí ni."

Ọmọ náà gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà á sínú.

"Bàbá Ìgè ńkọ́?" ló bèèrè.

"Kò ní gbin àgbàdo rẹ̀ àfi bí òjò bá rọ̀. Òjò ló ń dúró dè."

"Ìyá Àgbà sọ bẹ́ẹ̀," ni Roqeebah wí. Ó gbé ojú sókè. "Àǹtí, ẹ fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá a jà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé nǹkan kan fún òun. Fàsílátù fa ọmọ náà mọ́ra, ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá bú jáde lára ọmọ náà, ariwo rẹ̀ ló mú Jibril sáré wọlé.

Níwájú Jibril, Fàsílátù kúnlẹ̀. "Èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Ọmọ yìí bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nínú kíláàsì. Mo ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè. Mi ò dá a lóhùn."

Jibril dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dìde, Àǹtí," ló wí. "Ẹ máa lọ sílé." Kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì sọ pé òun kò dárí jì í.

Lọ́jọ́ kejì, Fàsílátù kò ṣe ohun tó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ ṣí àyọkà Bàbá Ìgè. Ó pe àwọn mọ́kànlélógójì lọ́kọ̀ọ̀kan sí tábìlì rẹ̀, ó fọwọ́ sí gbólóhùn náà, ó sì ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ohun tó sọ. Àwọn kan rò pé ẹ̀tàn ni, wọ́n ń wo ògiri tí wọ́n ti máa ń kúnlẹ̀. Ọmọ mẹ́ta péré ló gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù sọ ọ́ bí Roqeebah ṣe sọ ọ́. Àwọn kan ò sọ nǹkan kan. Ó yẹ ìwé wọn wò: mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ló ti fún ní máàkì lórí ìbéèrè kẹrin yẹn.

Ó kọ nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù: "The bilo was tamming in the gora. Where was the bilo tamming?"

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Èṣùbíyìí tó jókòó lẹ́yìn, tí kì í sábà gba nǹkan kan, dáhùn pé, "The bilo was tamming in the gora."

"Ó dáa. Kí ni bilo?"

Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀.

"Kí ni gora? Kí ló túmọ̀ sí láti máa tam?"

Ọmọ kan ní bóyá ẹranko ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fàsílátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, wọn ò sí nínú èdè kankan, síbẹ̀ gbogbo yín lẹ dáhùn." Ó mú dọ́sítà, ó sì nu ohun tó wà lókè bọ́ọ̀dù, èyí tó ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí omi tó ń dà lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Kí wọ́n tó ṣí ìwé, á kọ́kọ́ fi Yorùbá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Nípa òjò àti àgbàdo, àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ń wá láti ọ̀nà Ara sọ̀rọ̀ títí ó fi ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n á wá ka àyọkà ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á pa ìwé dé, ẹnì kan á fi Yorùbá sọ ọ́ bó ṣe yé e, àwọn yòókù á gbè é tàbí kí wọ́n ta kò ó. Ẹni tó bá ta kò ó gbọ́dọ̀ ṣí ìwé, kó fi ìka lé ibi tó ti rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sórí Bàbá Ìgè, Èṣùbíyìí ní irọ́ ni, pé kò sí àgbẹ̀ tí òjò máa rọ̀ tí kò ní gbìn.

"Ohun tí o mọ̀ nílé nìyẹn," ni Fàsílátù wí. "Ó dára. Bí ohun tí o kà bá ta ko ohun tí o mọ̀, dúró, padà lọ wò ó. Ó lè jẹ́ ìwé ló ń sọ ohun tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ni o kà tí kò yé ọ. Èwo ni nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Wọ́n wá a. Wọ́n rí i. Wọ́n gbìyànjú láti fi "bí" nìkan túmọ̀ rẹ̀, ìtàn náà dojú rú. Wọ́n fi "àfi bí" sí i, ó tò. Bùkúnmi, tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ní èèyàn tilẹ̀ lè yí i padà pátápátá: bí òjò kò bá rọ̀, kò ní gbìn. Fàsílátù ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kì í sábà ti èdè kan bọ́ sínú òmíràn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọ̀rọ̀ náà lèèyàn máa gbé pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbà kí wọ́n da gbólóhùn inú ìwé kọ mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì tiwọn dáhùn. Ó kún fún àṣìṣe. "He wait for rain. Then he plant." Fàsílátù tún un ṣe fún wọn, ó sì fún wọn ní máàkì nítorí pé ó yé wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé pè é sí ọ́fíìsì. "Àwọn òbí ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Yorùbá ti kún kíláàsì yín. Máàkì àwọn ọmọ sì ti lọ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti lọ sílẹ̀."

"Ẹ fẹ́ kí n sọ kí ni fún wọn?"

Fàsílátù sọ ti Ìyá Àgbà Roqeebah fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní kó máa ṣe é lọ títí di òpin sáà náà, àwọn á wò ó. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Roqeebah padà sílé ìwé lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n Jibril obìnrin ló wá ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ náà kì í nawọ́ sókè mọ́. Bí wọ́n bá ní kó kàwé, á dìde, á gbé ìwé dání, ohùn kò ní jáde. Fàsílátù á ní kó jókòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo oṣù Karùn-ún. Àwọn ọmọ yòókù ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí agogo ti lù tí gbogbo ọmọ ti jáde, Roqeebah dúró lẹ́bàá tábìlì. Fàsílátù ń kó ìwé pọ̀.

"Àǹtí, bó bá jẹ́ pé mo ti bèèrè lọ́jọ́ yẹn dáadáa, ṣé ẹ ó ti sọ ọ́ fún mi?"

Ó rọrùn láti sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kó ní kó gbàgbé. Fàsílátù ti sọ irú rẹ̀ fún un rí, ó sì rí i pé kò wọlé. Ó gbé ìwé sílẹ̀.

"O bèèrè dáadáa. O bèèrè ní èdè rẹ. Èmi ni mi ò dá ọ lóhùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi dá mi lóhùn?"

"Mo rò pé bí mo bá fi Yorùbá dá ọ lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ ò ní dára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Wọ́n ṣì mí lọ́nà, èmi náà sì ṣì ọ́ lọ́nà."

Roqeebah rò ó. "Ẹ sọ fún bàbá mi?"

"Mo ti sọ fún wọn."

"Wọn ò sọ fún mi pé ẹ sọ ọ́."

"Bóyá wọ́n máa sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ kan."

Ọmọ náà mi orí. Ó gbé bàágì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Nínú sáà kẹta, Fàsílátù bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé kankan nílé tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé oògùn, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò ajílẹ̀, ìwé ìpè láti ilé ìwòsàn, kí ọmọ náà mú un wá, wọ́n á jọ kà á, wọ́n á jọ gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Ohun tí kò bá yé òun fúnra rẹ̀, á ní kò yé òun, á sì ní kí wọ́n lọ bi ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ méje ló wá lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà, àwọn ìyá kan ń bá ọmọ wọn wá, wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré tí kò gbà wọ́n.

Roqeebah kì í wá. Bí agogo bá ti lù lọ́jọ́bọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde, á gba ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sílé kó má baà gba ojú fèrèsé kíláàsì kọjá. Fàsílátù ò pè é. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹfà, òjò ń ṣú bọ̀, obìnrin kan sì ń na ìwé oògùn ọmọ ìkókó rẹ̀ sí Bùkúnmi pé kó kà á. Fàsílátù gbé ojú sókè, ó rí Roqeebah lẹ́nu ọ̀nà, bàágì rẹ̀ lẹ́yìn. Kò wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé eékún. Ó wà níbẹ̀ títí Bùkúnmi fi kà á tán tí ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, títí ìyá ọmọ náà fi tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì láti rí i pé ó yé òun. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó dìde, ó sì gba ojú fèrèsé kọjá lọ sílé.